Nọ́ọ̀sì Ìbídùn Kò Dákẹ́

Nígbà tí wọ́n gbé Ìbídùn Fáníyì wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wa ní Ìdí-Àràbà, a ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa dá ìjà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, àmọ́ bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà ni.

Mopélọ́lá, ìyàwó awakọ̀ àjàgbé, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó gbé ọmọ ọwọ́ dání, ó ní èébì ń gbé òun. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, oyún mìíràn ti wà nínú rẹ̀.

Ìbídùn bi í pé, "Ṣebí ẹ gba oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí níbí?"

"Mo gbà á, mà. Mo sì ń lò ó bí wọ́n ṣe sọ. Ìgbà tí ọkọ mi bá ti ìrìn àjò dé ni mo máa ń gbé e mì."

"Ta ló ní kí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀?"

"Màtírọ̀nù ni. Wọ́n ní tí bàbá bá ti ń wá sọ́dọ̀ mi, kí n máa lò ó."

Oògùn tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, ló ń lò bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ de àlejò. Màtírọ̀nù Ògúnṣínà, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, kò purọ́ fún un. Ojú ló ń tì í, ló bá bo ọ̀rọ̀ náà títí tí kò fi hàn mọ́.

Inú bí Ìbídùn. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó dúró síwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ, ó sì pe gbogbo nǹkan tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ ní orúkọ rẹ̀, láìfi ewé bò ó. Àwọn kan fi ìborùn bojú. Yèyé Ọmọlàjà, olórí àwọn obìnrin ìlú, tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, dìde, ó jáde. Ìdajì àwọn obìnrin tẹ̀ lé e.

Màtírọ̀nù pe Ìbídùn sínú ọ́fíìsì. "Ìbídùn, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilé yìí pa ni? Fún wọn lóògùn, kí wọ́n máa lọ. Má sọ nǹkan kan mọ́."

"Mà, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ o."

"Mo gbọ́ yín, mà. Ọ̀rọ̀ mi rí gán-ùn-gán-ùn, mo gbà. Màá tún un sọ. Àmọ́ mi ò ní dákẹ́. Ìdákẹ́ ló jẹ́ kí Mopélọ́lá tún lóyún."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Mopélọ́lá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Ó jókòó sórí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Tí àbúrò yín tó ń lọ sílé ọkọ bá bi yín nípa bí oyún ṣe ń dúró, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́?"

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "A máa ń ní 'tí tọkọtaya bá jọ sùn.'"

"Ẹlòmíì lè rò pé oorun ni."

"Ta ni? Àfi tó bá jẹ́ òpònú," ni Mopélọ́lá wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ilé ọmọ. Nǹkan oṣù. Ojú ara. Bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀kan, Ìbídùn á ní kí ẹlòmíràn sọ ohun tó gbọ́ padà lẹ́nu ara rẹ̀. Èyí tó bá le jù létí, wọ́n á jù ú nù. Èyí tó bá ṣókùnkùn, wọ́n á tún un ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tún pé, Yèyé Ọmọlàjà ti jókòó níwájú kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa. "Mo wá gbọ́ bó o ṣe máa bú wa lónìí," ló wí.

Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde. "Ẹ̀yin ìyá wa, oògùn oníhóró yìí kì í jẹ́ kí oyún dúró nígbà tí tọkọtaya bá jọ sùn. Ojoojúmọ́ là ń lò ó, ní àkókò kan náà. Ọkọ wà nílé o, ọkọ ò sí nílé o, ẹ lò ó. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó bí ẹ bá ti rántí. Fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, kí ọkọ fi rọ́bà dáàbò bò yín. Ìyá Àlàbá, kí lẹ gbọ́?"

Ìyá Àlàbá tún un sọ láìṣìṣe.

Yèyé kọjú sí Ìbídùn. "Kò bójú mu kí wọ́n máa sọ èyí ní gbangba."

"Ẹ má bínú, mà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà níbẹ̀ tí kò mọ́, ẹ fún mi ní èyí tó mọ́ jù ú lọ, màá lò ó. Bí kò bá sí, màá tún un sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Yèyé kò fún un ní ọ̀rọ̀ kankan. Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn: "Ìwọ, ṣó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

"Lọ gba tìrẹ, jẹ́ ká máa lọ."

Títí dòní, Yèyé kì í dá Ìbídùn lóhùn bó bá kí i lọ́nà. Màtírọ̀nù náà kì í dúró síbẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ìbídùn ṣì ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Mopélọ́lá bímọ tán, ó wá fún oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Ó jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí Ìbídùn kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.