Òdo Tí Wọ́n Fún Ọmọ Mi

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ni mo ní ní Ìjẹrò. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi gbé ìwé iṣẹ́ kíláàsì wá kí n bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀: gbólóhùn mẹ́wàá tó ní àlàfo, àti ojú ìwé ìdáhùn kan. Mo ti ìdáhùn náà mọ́ inú dúróà. Nígbà tí ọmọ mi gba gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tíṣà ní ó ti jí ìdáhùn wò ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó fún un ní òdo, ó sì pè é ní olè.

Mo lọ bá tíṣà náà ní kíláàsì. "Ẹ kọ gbólóhùn tuntun sójú pátákó, kí ọmọ mi dáhùn rẹ̀."

"Bàbá onífọ́tókọ́pì, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?"

Síbẹ̀, ó kọ ọ́: "By the time we reached Ara, the bus …" Ó ní kí ọmọ mi yí "leave" padà bó ṣe yẹ, kí ó fi dí àlàfo náà.

Ọmọ mi kọ "had left". Tíṣà tún kọ mẹ́rin. Ọmọ mi gba gbogbo rẹ̀. Tíṣà fi ìbínú pa òdo inú ìwé rẹ̀ rẹ́, ó kọ mẹ́wàá.

"Ó tán. Ẹ máa lọ."

"Kò tíì tán. Lójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lẹ ti pè é lólè."

Tíṣà wo àwọn ọmọ náà. "Kò jí i wò," ó ní, bí ẹni tó ń tutọ́.

Ọmọ mi ò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."