Àmúwá Ọlọ́run

Àwa mẹ́ta la fẹ́ jọ ṣe ìjókòó kan níbi àpérò lórí ẹ̀sìn àti ìyípadà ojú ọjọ́. Iṣẹ́ tèmi dá lórí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní àdúgbò Alief ní Houston, tí àgbàrá òjò ń wọ ilé wọn. Ti ọ̀rẹ́ mi kan dá lórí ìwàásù àwọn pásítọ̀ ní Deer Park, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Ẹnì kẹta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston, ń kọ nípa àwọn ọ̀dọ́. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó máa so iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, torí lápapọ̀ ni àwọn olùṣètò àpérò máa gbà wá tàbí kí wọ́n kọ̀ wá.

Mo kà á ní ọ́fíìsì mi, òun náà jókòó síwájú mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn èèyàn mi ní Alief káwọ́ gbera, torí wọ́n gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni àgbàrá náà.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ọ̀rọ̀ ìtùnú nìyẹn! Ẹni tí omi ba ilé rẹ̀ jẹ́ la fi ń rẹ̀ lẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan náà ló lọ pariwo gọ́tà létí ìjọba. Ṣé o ò ka iṣẹ́ mi ni?"

Ó ní, "Àǹtí, nígbà tí dádì mi kú, gbogbo ẹni tó wọ apartment wa ló ń sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni."

"Wọ́n ń tù ẹ́ nínú ni."

"Mo rò pé wọ́n ń sọ ẹni tó pa dádì mi fún mi ni."