Bí Wọ́n Ṣe Fojú Díwọ̀n Epo Mi

Ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì owó orí ìjọba ìpínlẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkìtìpupa lọ́dún kan. Epo pupa ni mò ń tà. Òde-Ayé ni mo ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, mo sì ń tà á ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń di irun ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ògiri kan ló wà láàárín wa.

Ọmọ náà kí wa dáadáa. Kò béèrè ìwé kankan. Ó ní, "Mà, kẹ́ẹ̀gì mélòó lẹ máa ń tà lọ́jọ́ ọjà?" Ó wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè iye tí mò ń san fún onílé. Nígbà tó ṣe tán, ó ní òun ti mọ ìsọ̀rí tí mo wà: ìdá kékeré kan nínú owó gbogbo ọjà tí mò ń tà lọ́dún ni màá san.

Inú kọ́kọ́ bí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà tún ń yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Owó ọjà kọ́ ni owó mi o. Àwọn tí mo ra epo lọ́wọ́ wọn ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí ní èrè tí mo jẹ?"

Ó jókòó sórí àpótí. "Ó dáa, mà. Èló lẹ jẹ lérè lóṣù tó kọjá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò. Mo mọ iye tí mo ra epo, mo mọ iye tí mo tà á. Àmọ́ inú owó yẹn náà ni mo ti ra ìrẹsì àti gáàsì sílé, ibẹ̀ ni mo ti san owó ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo ti mú ti ṣọ́ọ̀ṣì. Epo tó jò dànù lọ́nà ńkọ́?

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Èrè ò ṣeé fojú rí. Ẹni tó máa mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, pẹ̀lú rìsíìtì. Tí ẹ bá bẹ akáńtáǹtì sí i, owó iṣẹ́ rẹ̀ lè ju owó orí yín lọ. Tí àwa náà bá ní ká máa yẹ ìwé gbogbo ọlọ́jà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tá a máa ná lè ju ohun tá a máa rí gbà. Àmọ́ ọjà títà, a lè fojú díwọ̀n ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú kóòmù lọ́wọ́. "Èmi ò tajà tó àbúrò mi. Kí ló dé tí ìdá tèmi fi ga ju tirẹ̀ lọ?"

"Ṣé àwọn oníbàárà yín kì í ra irun wá fúnra wọn, mà?"

"Wọ́n ń rà á wá."

"Ọwọ́ yín lẹ ń tà nìyẹn. Púpọ̀ nínú owó yẹn, tiyín ni. Ẹni tó ń ta epo máa kọ́kọ́ ra epo ná."

Ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí orí tó ń dì.

Èmi ò lè gbàgbé ìbéèrè ọmọ náà. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń sọ gbogbo ohun tí mo bá rà àti ohun tí mo bá ná sínú fóònù mi, kí n lè mọ èrè mi gan-an. Nígbà tí mo fẹ́ rò ó pọ̀, ariwo ọkọ̀ àti ohùn àwọn oníbàárà tó ń ná epo ni mò ń gbọ́ nínú fóònù, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo pa á tì.

Nígbà tí ìwé owó orí dé, ó pọ̀ ju ohun tí mo rò lọ. Mo jókòó, mo ń wò ó. Òjò ti ń rọ̀ gan-an nígbà yẹn, epo ti wọ́n, ṣọ́ọ̀bù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ìgbà tí ẹyìn ọ̀pẹ pọ̀ lóko ni ọmọ náà wá, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mò ń tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Kò bá mi jà. "Ẹ kọ̀wé pé ẹ ò fara mọ́ ọn, mà. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́." Mo kọ ọ́ níbẹ̀. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ wá sọ́jà, wọ́n wo ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n bi àwọn elépo yòókù léèrè. Wọ́n mú mi sọ̀kalẹ̀ sí ìsọ̀rí tó tẹ̀ lé e.

Kí ọ̀gá náà tó lọ, mo bi í pé, "Tí mo bá wá pàdánù lọ́dún kan ńkọ́, sà?"

Ó ní, "Ẹ ṣì máa san án, mà. Ibi tó ti burú nìyẹn. Àfi tí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ tó pé, ká lè fi èrè yín gan-an ṣírò."

Mo san tèmi ní báńkì lọ́sẹ̀ náà. Báyìí, bí mo bá kọjá lọ́jà Àyèká, mo máa ń wo igbá ẹlẹ́ja, mo máa ń wo tábìlì ẹni tó ń tún fóònù ṣe, màá máa rò ó lọ́kàn pé ta ló ń tajà jù nínú wọn, ta ni owó sì ń kù sí lọ́wọ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yé wo ọjà ọlọ́jà.