Máńgòrò Inú Ike Ọ̀dà

Nígbà tí ilé ìtura tó wà létí òkun kógbá sílé, ọdún mẹ́rìnlélógún ni Àǹtí Eudene ti fi lọ aṣọ níbẹ̀. Wọ́n san owó ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó tí kò rí irú rẹ̀ rí. Kó tó délé lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò wa ní Saint Philip ti fẹnu bá a ná an tán.

Ilé pákó ni Àǹtí ń gbé. Orí òkúta ni wọ́n gbé e lé, torí ilẹ̀ háyà ni. Bí onílẹ̀ bá ní kó o kúrò, wàá tú pákó rẹ, wàá kó o sọ́kọ̀, ó di ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú ilé ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá náà sì sunkún igi máńgòrò tó fi sílẹ̀ ju ilé lọ. Ìdí nìyí tí Àǹtí kì í fi í gbin nǹkan sínú ilẹ̀. Ata, efinrin, àní máńgòrò kan tó ti ga dé èjìká mi, inú ike ọ̀dà ni gbogbo wọn wà.

Oswin àbúrò rẹ̀, bíríkìlà tẹ́nu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú téèpù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa kúrò nínú àpótí yìí! Búlọ́ọ̀kù la máa fi kọ́lé yín. Yàrá mẹ́ta, fàráńdà níwájú!"

"Lórí ilẹ̀ ta ni?"

"Níbí náà ńkọ́!"

"Ọ̀gbẹ́ni Skeete ló ni ibí. Bó bá kú, táwọn ọmọ ẹ̀ ní kí n máa lọ, ṣé ìwọ lo máa ru búlọ́ọ̀kù yẹn lórí?"

"Ẹ ò kàn fẹ́ jayé ni!"

"Mo fẹ́ jẹ ẹ́. Mi ò fẹ́ kó tètè tán ni."

Oswin bínú lọ, kò yọjú mọ́. Àǹtí ń ṣe bí ẹni pé kò dun òun, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń bu oúnjẹ Oswin sọ́tọ̀.

Ó kó owó náà sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èmi aládùúgbò rẹ̀ pàápàá lọ yá díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Owó ń sùn, má jí i." Mo kùn sí i délé. Ní gbogbo Sátidé, ó ń yan búrẹ́dì àgbọn, ó ń gbé e lọ kí Skeete, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ilẹ̀ náà fún òun. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Skeete gbà. Síbẹ̀, Àǹtí ò kówó lé e lọ́wọ́. Lọ́yà rẹ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilẹ̀ náà ò sí nínú gbèsè, sọ̀fíyọ̀ wọ̀n ọ́n, kó tó sanwó nípasẹ̀ lọ́yà.

Oṣù mẹ́jọ ló gbà kí ìwé ilẹ̀ tó jáde. Ìyókù owó ò tó kọ́ yàrá kan. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín: "Gbogbo owó yẹn, inú pákó náà ló ṣì wà!"

Oswin gbọ́, ó wá. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ihò, ó fi ọ̀bẹ gé ike ọ̀dà. Gbòǹgbò máńgòrò ti lọ́ yípo yípo nínú ike, kò ríbi gbà. Àǹtí kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tú u, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́. Ṣé ibí ni ká gbìn ín sí?"

Àǹtí nu ojú rẹ̀.

"Sún un sẹ́yìn díẹ̀. Ibẹ̀ ni fàráńdà mi máa dé."