Nọ́mà Ta Ni?

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé èsì àyẹ̀wò jẹ́ "nọ́mà", mo máa ń kọ́kọ́ lọ wo aláìsàn náà fúnra mi ná.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà nígbà yẹn, ní ilé ìwòsàn ńlá kan nítòsí Muṣin. Wọ́n gbé tíṣà kan wá láti Àgùdà, ikọ́ fée ti fún un láyà pa. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Mo fa ẹ̀jẹ̀ níbi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, mo fi yìnyín tí mo rà lẹ́nu géètì bo síríńjì, mo sì sáré gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Èsì jáde: pH, tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan sí, 7.48; kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí a ń mí jáde, 30; baikábọ́nétì, tó ń pa kíkan ẹ̀jẹ̀, 22. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ń tú kábọ́ọ̀nù dà nù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní kan tó ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pH fi gòkè.

A fún un lóògùn. Nígbà tó yá, mo tún fa òmíràn: 7.39, 42, 25. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ẹ̀ nọ́mà. Ẹ gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, mo nílò bẹ́ẹ̀dì yẹn."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó ṣì ń mí kíákíá. Kí ló dé tí kábọ́ọ̀nù ẹ̀ tún ń gòkè?"

"Màdáámù, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́mà ta ni? Ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń jẹ ẹ̀pà! Bí àgbàrá bá wọlé, tí èèyàn ń gbọ́n ọn síta láìsinmi, tí omi sì tún ń kún, ṣé a ó ní ilé ti gbẹ ni? Agbára ọmọ ọlọ́mọ ń tán lọ ni. Inú bí mi gan-an.

Mo padà sídìí bẹ́ẹ̀dì tíṣà náà, ó ti dijú. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ dí mi.

"Ẹ má jí i o. Ọ̀gá yín ní ara ẹ̀ ti yá."

Mo gbọ́ àyà ọmọ rẹ̀. Ariwo fée yẹn ti dákẹ́, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé mọ́.

"Ìyá, kì í ṣe oorun lèyí!" Mo jágbe mọ́ ọn. Mo mi ọmọ rẹ̀ títí, ojú ló kàn yí. Ìyá gbá mi lọ́wọ́. Mo ṣáà fa ẹ̀jẹ̀: 7.23, 61, 25. Baikábọ́nétì kò yẹsẹ̀, nítorí kíndìnrín kì í tètè pèsè rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù nìkan ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ náà di kíkan, lójú wa níbẹ̀.

Mo pariwo títí àwọn tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun ní tíátà iṣẹ́ abẹ fi sáré dé. Wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mí. Ó yè é.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà náà, ọ̀gá mi kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Ẹ ṣọ́ra fún nọ́mà nínú ikọ́ fée," ó ní, bí ẹni pé òun ló rí i.

Ìyá náà kúnlẹ̀ fún un, ó ṣàdúrà títí. Nígbà tó dìde, ó kọjú sí mi.

"Ìwọ, Ọlọ́run á dárí jì ọ́. O ò jẹ́ kí ọmọ mi sùn."