Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlọrà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí ọmọ. Bí bàbá bá mú ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ìwé, tíṣà kò ní béèrè ìwé ìbí, nítorí kò sí ẹni tó ní in. Yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kí ó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé lọ nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ máa jẹ iyán títí ọwọ́ yóò fi gùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń gbé yín lọ sí ilé-ìwé kí ẹ tó mọ ìrìn rìn, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá kan wà ní agboolé tó kángun sí tiwa, àgbẹ̀ ni, ènìyàn kúkúrú tí kì í pariwo. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló bà á jẹ́ lójú ìlú: ó máa ń sọ pé òun ni ẹ̀gbọ́n akọni. Akọni tí mo wí yìí, ọmọ ìlú wa ni, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, kí ó tó di ẹni tó ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú òyìnbó nítorí owó orí àti iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí a máa ṣe ìjọba ara wa, ó sì kú kí wọ́n tó bí mi. Òun àti bàbá yìí, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá wọn ló yàtọ̀.

Wọ́n wá tẹ ìwé kékeré kan nípa akọni náà. Bàbá ti máa ń sọ pé òun ń rá nígbà ìbọn Ọ̀yọ́, ìyẹn ọdún tí àwọn sójà òyìnbó yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́ tí ará Ìlọrà fi sá wọ igbó. Ọdún ìbí tó wà nínú ìwé náà sì fi ọdún méjì ṣáájú ìbọn yẹn. Bí a bá ti gba ìwé gbọ́, akọni ni ẹ̀gbọ́n, bàbá sì di òpùrọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ta ni àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nínú agboolé. Wọn kò dúró de bàbá kí wọ́n tó fọ ọ̀rọ̀ ilé mọ́, bí ó bá sì dá sí i, àwọn ọmọdé ìdílé á wo ara wọn. Àwa ọmọ àdúgbò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, a ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Àfipáṣe.

Hẹdimásítà wa, ará Fìdítì ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá. Òmìnira ti ń kan ilẹ̀kùn nígbà náà, ó sì ṣe òfin pé ní àpéjọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ kan gbọ́dọ̀ ka ìtàn ìgbésí ayé akọni orílẹ̀-èdè kan. Ojú ìwé kan péré ni, a kò gbọdọ̀ ṣí i sí ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n bí ẹni náà sí àti ìgbà tí wọ́n bí i ni yóò ṣáájú, ẹ̀kọ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tó ṣe fún ìlú, kí a sì fi ikú rẹ̀ parí. Kò fẹ́ ìyìn tí kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn. Bí o bá kọ pé ẹnì kan láyà, wàá sọ ohun tó fi àyà náà ṣe.

Ti ọdún ló le jù. Kò sí ọdún tí yóò wọ ojú ìwé náà àfi kí ẹnu méjì sọ ọ́, ẹnu méjì tí kò jẹ nínú àwo kan náà. Bí ìwé kejì bá da ti àkọ́kọ́ kọ, ẹnu kan ni. Ibi tí a bá ti wádìí tí a kò rí i, kí a kọ ọ́ pé “nǹkan bí”, kí a má tijú.

Nígbà tó kàn mí ní kíláàsì karùn-ún, mo mú akọni tiwa. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ọdún ìbí rẹ̀ wà nínú ìwé kékeré yẹn, ó wà nínú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ẹnu méjì pé. Hẹdimásítà wo ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé inú ìwé kékeré náà ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wọn.

Ó ní, “Ẹnu kan lo ní. Ó yá, yọ ọdún ìbí kúrò nínú ọdún tó wọ ilé-ìwé.”

Ọdún tí mísọ́nnì ṣí ilé-ìwé ìlú wa ni akọni wọ̀ ọ́, gbogbo ènìyàn mọ ìyẹn, ó wà lára ògiri ilé-ìwé àtijọ́ náà, ìwé ìpàdé ìjọ sì gbè é lẹ́yìn. Mo yọ ọ́. Ó ku méje géérégé.

Hẹdimásítà yíjú sí kíláàsì, ó bi wá pé ọdún mélòó ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ́jọ́ tí a fọwọ́ kan etí. Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Méje, sà.” Ọ̀kan wà láàárín wa tó ti ń hu irùngbọ̀n, òun náà ní méje. Èmi tí mo lọ́wọ́ gígùn, ìyá mi sọ fún mi pé n kò tíì pé mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Hẹdimásítà dá ìwé mi padà fún mi. Ẹni tó kọ ìwé kékeré yẹn ti bá méje nínú ìwé orúkọ ilé-ìwé, ó yọ ọ́ kúrò lára ọdún ilé-ìwé, ó sọ ọ́ di ọdún ìbí. Gígùn apá ló kà, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Mo lọ bá bàbá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń pọ́n ọkọ́ lórí òkúta lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá, ó sì kọ́kọ́ rò pé mo wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ó ní, “Ta ló rán ọ? Ṣé àwọn ọmọ ilé wa ni?”

Mo ní, “Rárá o, bàbá. Hẹdimásítà ni wọ́n ní kí n wá gbọ́ tẹnu yín.”

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní ìyá òun máa ń sọ pé òun ń rá nígbà ìbọn náà, òun sì ń jẹ erùpẹ̀ nínú igbó lọ́nà Akinmọ̀rìn nígbà tí ìyàwó kejì bàbá àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Òru àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn sínú igbó ni wọ́n bí àbúrò òun. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Abíọ́nà nílé, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó fún un ní orúkọ tó wà nínú ìwé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bàbá àwọn mú àwọn méjèèjì lọ sí ilé-ìwé tuntun náà lọ́jọ́ kan náà.

Ó ní, “Ọwọ́ tirẹ̀ kan etí. Tèmi kò kàn án. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ dé, bàbá wa ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òun lọ sí oko.”

Ó tún gbé ọkọ́ rẹ̀. Inú mi kò dùn rárá, mo rántí orúkọ tí a sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu kan ni bàbá, ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì ni. Mo bi í bóyá ẹlòmíràn wà tó wà nínú igbó náà. Ó ní ìyá arúgbó kan kù ní Akinmọ̀rìn, ṣùgbọ́n kí n má wulẹ̀ dààmú, àwọn kì í kí ara wọn láti ìgbà ìjà ààlà oko kan. Nígbà tí mo sọ èyí fún Hẹdimásítà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù.

Ìyá mi ló mú mi lọ sí Akinmọ̀rìn. Ìyá arúgbó náà fọ́jú, etí rẹ̀ kò di. Bí Hẹdimásítà ti kọ́ mi, n kò sọ ohun tí bàbá wí fún un, mo kàn ní kí ó sọ ohun tó rántí nípa ìbí akọni. Ó ní ìyá òun ló gbẹ̀bí, òun sì ló ń pọn omi láti odò. Ó ní òru kejì ni, nítorí iṣu tí wọ́n gbé sá ti tán.

Mo bi í bóyá ọmọ kékeré mìíràn wà nínú ìdílé náà nígbà yẹn.

Ó ní, “Ọ̀kan wà. Ó ń rá kiri, ó ń jẹ erùpẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀gbọ́n.”

Hẹdimásítà fúnra rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́ láti wá ọjọ́ ìbọn náà. Ìwé méjì tí kò da ara wọn kọ ló rí, àwọn méjèèjì sì ní oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni. Fún ikú akọni, mo ka ohun tó wà lára ibojì rẹ̀, a sì fi wé ìwé ìròyìn. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé ìròyìn yàtọ̀ sí ọjọ́ ikú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í kọ. Ti òru àkọ́kọ́ àti òru kejì ló dá wa dúró. Mo fẹ́ kọ ọjọ́ tó pé pérépéré, ó máa dùn létí. Hẹdimásítà ní ẹnu méjì kò pàdé níbẹ̀, nítorí náà kí a kọ oṣù àti ọdún, kí a fi ọjọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, Hẹdimásítà ti ránṣẹ́ sí agboolé wọn. Bàbá wá pẹ̀lú fìlà tó máa ń dé lọ́jọ́ ọdún, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú, àwọn ará ilé rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo kà pé inú igbó lẹ́bàá ọ̀nà Akinmọ̀rìn ni wọ́n bí akọni sí, ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nígbà tí ará Ìlọrà ń sá fún ìbọn Ọ̀yọ́. Pé ọmọ kejì bàbá rẹ̀ ni. Pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, ṣì wà láyé. Lẹ́yìn náà ni mo ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó kòkó, àti ikú rẹ̀. Mo parí lórí ìlà tó kẹ́yìn ojú ìwé.

A pàtẹ́wọ́. Bàbá kò pàtẹ́wọ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, ó sì fi ìka di etí òsì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Hẹdimásítà tẹríba fún un. Ó ní, “Ẹ ti wọlé, bàbá.”

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dúró dè é kí wọ́n tó fọ ọ̀rọ̀ ilé. Èmi rò pé ayọ̀ àgbà tó gbà padà ló mú omi bọ́ lójú rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì yẹn. Ó pẹ́ kí n tó rò ó pé ó lè jẹ́ apá tí kò kan etí lọ́jọ́ ilé-ìwé yẹn gan-an ló ń sunkún fún.

Ayé ti yí padà. Ọmọ-ọmọ mi bímọ láìpẹ́ yìí, kí a tó gbé omi ìwẹ̀ wá ni nọ́ọ̀sì ti kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú. Ó dára bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún máa wá ẹnu méjì kiri igbó nítorí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọmọ kékeré tó gbé ọwọ́ gba orí kọjá láti yún etí, mo ṣì máa ń dúró wò ó, kí n rí i bóyá yóò kàn án.