Bí Orúkọ Ìka-Mẹ́wàá Ṣe Mọ́ Ọn Lára

Ìka-Mẹ́wàá kì í ṣe orúkọ tí bàbá tàbí ìyá sọ ọmọbìnrin náà. Ọ̀rẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà tó ń gbé iṣẹ́ wá bá a lónìí kò mọ òmíràn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí orúkọ náà dé, nítorí èmi ni mo ń kun ọ̀dà sí gbogbo àga tí bàbá rẹ̀ bá kàn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Bàbá rẹ̀ ni àdúgbò ń pè ní Káfíńtà, bí ẹni pé kò sí káfíńtà mìíràn láyé. Ó ní ẹ̀rọ ayùn kan tó jẹ́ tábìlì irin, ẹnu ayùn sì yọ sókè láàárín rẹ̀ bí eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu arúgbó. Bí iná bá ti wọ inú rẹ̀, pákó tí ọkùnrin méjì ì bá fọwọ́ rẹ́ títí wọn yóò fi làágùn ni yóò là kí o tó mí kanlẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín pákó àti ọwọ́. Nítorí náà Káfíńtà ní àṣà kan. Kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ, á béèrè pé, “Ìka mélòó?” Onítọ̀hún á na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, á ní, “Mẹ́wàá.” Bí a bá pa ẹ̀rọ tán, á tún béèrè. Èmi tí n kì í sún mọ́ ayùn pàápàá, ó máa ń bi mí bí mo bá fẹ́ lọ sílé. Èsì mi ni pé mẹ́wàá ni, àmọ́ ọ̀dà kò jẹ́ kí a rí wọn.

Inú ìbéèrè yẹn ni ọmọ náà dàgbà sí. Kó tó mọ̀wé kà ló ti ń na ọwọ́. Nígbà tó ga tó tábìlì irin, bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí a ṣe ń fi igi pélébé kan ti ìdí pákó sí ẹnu ayùn, kí ọwọ́ má bàa débẹ̀. Ó gbà á, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun á jókòó sí ilé ìwé títí òun á fi parí, lẹ́yìn náà òun á ní ṣọ́ọ̀bù tòun. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ gan-an nìyẹn, àmọ́ lẹ́nu rẹ̀ ó ti di tirẹ̀.

Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn ọ̀rẹ́ dé. Wọ́n jẹ́ méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Sísí, torí bó ṣe ń rìn bí ẹni tó ni títì. Èkejì ni Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ tó dé ìdí. Wọ́n á wá láti ilé ìwé, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa retí rẹ̀ kó parí iṣẹ́.

Láàárín ìgbà díẹ̀ ọmọ wa yí padà. Bí Sísí ṣe ń di irun ló ń di irun. Ó ń fa ọ̀rọ̀ bí Sísí ṣe ń fà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rán ẹ̀wù kan náà, tí ẹnu apá rẹ̀ fẹ̀ tó sì ń fì bí etí ewúrẹ́. Bàbá rẹ̀ fapá jánú. Ó ní àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Mo ní kó rọra, ta ló sọ fún un pé kì í ṣe àgùntàn yẹn fúnra rẹ̀ ló lọ wá ajá? Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ló wá ọ̀rẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé tán ni wọ́n wá túbọ̀ ń jọra.

Àmọ́ ojú mi rí nǹkan kan tí kò dùn mọ́ mi. Bí ọmọ náà bá dá wà nídìí ayùn, á fi sùúrù ṣe é, á lo igi pélébé. Bí bàbá rẹ̀ bá wà níbẹ̀, bákan náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sáré, á fi ọwọ́ lásán ti pákó. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Sísí, èékánná ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Wíwà tí wọ́n wà níbẹ̀ lásán ti tó.

Àti ìbéèrè yẹn náà. Lọ́jọ́ kan Káfíńtà ní, “Ìka mélòó?” níṣojú wọn. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni, kò ní ìkà nínú. Ọmọ náà wo bẹ́ǹṣì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, “Bàámi, ẹ ṣáà mọ iye tó jẹ́.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti nawọ́ mọ́. Àwọn méjèèjì tún ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú ọ̀nà, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín yẹn ni owó ìwọlé sínú ẹgbẹ́ wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ó ń la pákó kékeré, àwọn ọ̀rẹ́ wà níjòókòó, igi pélébé wà nílẹ̀. Ayùn he etí apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó fà á yọ, ṣùgbọ́n àjákù aṣọ kan fò kọjá lórí ọ̀dà mi. Káfíńtà pa iná. Kò pariwo. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó ka ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò mọ ìṣirò. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn ọ̀rẹ́ má ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, kí ọmọ òun má sì bá wọn rìn mọ́. Ó ní bí òun bá tún rí i pé ó fọwọ́ lásán ti pákó, kò ní fọwọ́ kan ayùn yẹn mọ́ títí láé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí òfin yẹn ná wa. Ọ̀rẹ́ kò dín kù, ẹ̀yìnkùlé ilé ìwé ni wọ́n ń pàdé báyìí. Ohun tó dín kù ni ọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tó lọ àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mọ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé ó ń ṣọ́ ọ. Ní báyìí “mi ò mọ̀” ló kù lẹ́nu rẹ̀. Nídìí ayùn, bí bàbá rẹ̀ bá yí ẹ̀yìn, ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó lè rí nǹkan ròyìn fún wọn. A san owó ńlá, a kò rí ọjà gbé.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tíṣà ní kí wọ́n yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ nílé ìwé, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì yan aṣọ rírán. Òun kò bi wọ́n. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì parí ìjà, ó bi í pé èwo ló yẹ kí òun yan, ó sì yan iṣẹ́ igi. Irun jẹ́ ti Sísí, ọ̀nà tó máa gbà jẹun lọ́la jẹ́ ti ilé.

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló là wá lóye. Ó gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbọ́ bó ṣe ń ráhùn nítorí ọmọ náà.

“Ọkọ mi, ojú rere tìẹ, ó ti ní in láti ọjọ́ tí a bí i. Kò sí bó ṣe máa ṣe tó máa pàdánù ẹ̀, ó sì mọ̀. Ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni kò dá a lójú. Ojoojúmọ́ ló máa ń tún un gbà.”

Káfíńtà ní, “Ṣé kí n wá máa bẹ Sísí ni?”

“Ṣé ìka ọmọ ẹ lo fẹ́ ni, àbí iyì ẹ?”

Ó jẹun tán kó tó dáhùn. Ó ní ká pè wọ́n wá.

Bẹ́ǹṣì abẹ́ fèrèsé ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀. Káfíńtà ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kan òmíràn, torí ìdí wọn ló bà á jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí Sísí, ó ní ṣọ́ọ̀bù yìí ní ìbéèrè kan, òun ti dàgbà, ohùn òun ti há, ṣé yóò bá òun máa bi wọ́n?

Sísí dìde bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ọ̀rọ̀ bó ṣe ń fà á, “Ìíka mélòóó?” Ọmọ wa na ọwọ́ kí ó tó rò ó. “Mẹ́wàá!” Sísí ní, “Ìka-Mẹ́wàá, o lè kọjá.” Orúkọ dé nìyẹn. Bó ṣe wo apá ẹ̀wù tó ń fì, ó ní kí wọ́n ká a sókè, torí ayùn kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń ṣe oge fún. Gbogbo wọn ká a. Kó tó di ìsinmi, gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì wọn ló ń ká apá ẹ̀wù, títí kan àwọn tí kò rí ayùn rí.

Mi ò gbà pé ó ti tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Káfíńtà lọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù fún oníbàárà. Sísí àti Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wọn mẹ́ta wọlé wá wòran. Ìka-Mẹ́wàá fẹ́ la pákó, ó mú igi pélébé dání. Èyí tó ga jù nínú wọn ní, “Igi kí nìyẹn? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni ẹ́ ni?”

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sílẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ó parí, ohùn àgbà máa ń mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ le sí i. Ọmọ náà rọra gbé igi pélébé sílẹ̀. Kò wo ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ máa gbà wọlé. Sísí ló wò.

Sísí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin náà ló dojú kọ. “Ìka mélòó?”

“Ṣé èmi?”

“Ìwọ kọ́, ìyá ẹ ni. Nawọ́ jàre. Ẹni tí kò nawọ́ kì í dúró níbí.”

Ẹlẹ́rìn-ín ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọkùnrin méjì yòókù náà ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ gíga náà na ọwọ́ bí ẹni tí tíṣà fẹ́ nà lẹ́gba. Ìka-Mẹ́wàá ti mú igi pélébé padà. Pákó náà là gbọọrọ. Nígbà tí Káfíńtà dé tí mo ròyìn fún un, ó ní kí ni mo fẹ́ kí òun ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó fi pákó tó dára jù ṣe ìfẹ̀yìntì sí bẹ́ǹṣì wọn.

Ọdún ń lọ. Nígbà tí Ìka-Mẹ́wàá fi máa parí ilé ìwé, kò sí ẹni tó lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó sì mú kí ọwọ́ rẹ̀ yára mọ́. Wọ́n lè kún ibẹ̀ tàbí kó ṣófo, bákan náà ló ń la pákó. Sísí lọ sí ìlú òkèèrè. Ẹlẹ́rìn-ín di tíṣà, mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín ní kíláàsì rẹ̀. Irun tí wọ́n ń dì nígbà náà, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn rántí bí a ṣe ń dì í.

Ìka-Mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, Káfíńtà sì ń jókòó lé e tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún. Mo lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí láti wo bí wọ́n ṣe ń kun àga, torí àwọn ọmọ òde òní ń fi ọ̀dà ṣòfò. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ tan ẹ̀rọ. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbójú sókè nínú ohun tó ń wọ̀n. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn, “Ìíka mélòóó?”

Káfíńtà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì. Èmi náà na tèmi.